Ta Ló Ń Ka Ọjọ́ Ẹ̀wọ̀n Fesibúùkù?

Bí Fesibúùkù bá ti dí ènìyàn lọ́wọ́ kọ́mẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé àwọn ọ̀tá ló kó ara wọn jọ láti fẹjọ́ òun sùn. Wọ́n pọ̀, òun dá wà, ilé iṣẹ́ náà sì gbọ́ tiwọn. Ìgbàgbọ́ yìí ti ta gbòǹgbò débi pé òwò ti yọ jáde lára rẹ̀. Àwọn kan ń gba owó láti kó èrò jọ kí wọ́n lè fi ẹjọ́ sùn ti àkáǹtì ẹlòmíràn pa, àwọn mìíràn sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí a dí lọ́wọ́, wọ́n ń sọ fún un pé àwọn mọ ẹni tí yóò ṣí i ní kíá. Gbogbo wọn gbà pé iye orí ló ń dá ẹjọ́ náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an yàtọ̀: ẹ̀sùn kan ṣoṣo lè tó láti mú ọ̀rọ̀ ènìyàn kúrò, ẹ̀sùn rẹpẹtẹ sì lè já sí asán. Ìtàn àkáǹtì ẹni náà ló sì ń sọ bí ìdílọ́wọ́ yóò ti pẹ́ tó, kì í ṣe iye àwọn tí ó fẹjọ́ sùn. Aago méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kékeré kan àti ńlá kan. Kékeré ni ènìyàn ń wò, ńlá ló sì ń ṣe é ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀sùn fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá tẹ ibi tí a ti ń fẹjọ́ kọ́mẹ́ǹtì sùn, ìtẹ̀ yẹn kò ti ilẹ̀kùn kankan. Ńṣe ni ó gbé kọ́mẹ́ǹtì náà síwájú ẹ̀rọ tàbí síwájú ènìyàn tí Mẹ́tà, ilé iṣẹ́ tí ó ni Fesibúùkù, ń lò láti yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ẹni náà tàbí ẹ̀rọ náà yóò fi ọ̀rọ̀ wé òfin tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀, yóò sì pinnu bóyá ó rú u tàbí kò rú u. Fesibúùkù fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sí ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ pé iye ìgbà tí a fẹjọ́ nǹkan sùn kọ́ ni ó ń pinnu bóyá a óò mú un kúrò. Ohun tí ó ń mú kí wọ́n tètè dé orí ẹjọ́ kan ju òmíràn lọ ni bí ohun náà ti burú tó, bí ó ti ń tàn kálẹ̀ tó, àti bí ó ti jọ pé ó rú òfin tó. Wọn kì í sì í dárúkọ olùfisùn fún ẹni tí a fẹjọ́ rẹ̀ sùn, àyàfi bí ẹjọ́ náà bá jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, bí orin tàbí àwòrán tí a jí lò. Ìdí nìyí tí àròsọ fi pọ̀. Ẹni tí kò rí ojú olùfisùn rẹ̀ lè fi ojú inú rí ọgọ́rùn-ún.

Ẹjọ́ kan wà tí ó fi hàn kedere pé ẹnì kan ṣoṣo tó. Ní oṣù Kínní ọdún 2021, àwọn ará Rọ́ṣíà ń jáde sí ìgboro ní orúkọ Alẹksẹi Navalny, olóṣèlú alátakò tí ìjọba tì mọ́lé. Ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ nípa ìwọ́de náà sórí Fesibúùkù. Ẹlòmíràn wá kọ kọ́mẹ́ǹtì síbẹ̀ pé ọmọ iléèwé ni gbogbo àwọn tí ó jáde ní Mọ́sìkò, pé orí wọn kò pé, pé wọ́n kàn ń lò wọ́n ni. Ẹni kẹta fèsì. Ó ní àgbàlagbà ni òun, pé òun wà níbi ìwọ́de ti Sẹntí Pításíbọ́ọ̀gì, pé òun rí arúgbó òun rí aláàbọ̀ ara níbẹ̀, orí òun sì wú láti rí àwọn ọ̀dọ́. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kádìí: ó pe alátakò rẹ̀ ní ẹ̀rọ lásán tí ó ń ṣojo. Ẹni tí ó bú fẹjọ́ rẹ̀ sùn, Fesibúùkù sì mú gbogbo kọ́mẹ́ǹtì náà kúrò. Òfin wọn nígbà náà ni pé bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa ìwà ẹni tí kì í ṣe gbajúmọ̀, tí ẹni tí a sọ ọ́ sí fúnra rẹ̀ sì wá fẹjọ́ sùn, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ kúrò.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ogun tí ó kó ara rẹ̀ jọ. Ẹnì kan ni, òfin sì ti fún ẹ̀sùn tirẹ̀ ní agbára tí ẹ̀sùn ẹgbẹ̀rún aláròká kò ní, torí pé òun ni a bú. Ìgbìmọ̀ Alábòójútó tí Mẹ́tà dá sílẹ̀ láti máa tún irú ẹjọ́ báyìí gbọ́ yí ìdájọ́ náà padà ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Wọ́n gbà pé lóòótọ́ ni ilé iṣẹ́ náà tẹ̀lé òfin rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin náà ni kò wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, pé a kò lè tìtorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa gbogbo èrò ẹni mọ́ ọn lẹ́nu nínú àríyànjiyàn òṣèlú. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, ni àwọn baba wa ń wí. Níbí, wọ́n tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan, wọn kò ka èyí tí ó kù lójú ìwé kan náà.

Ìdàkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí. Ní ìparí ọdún 2023, wọ́n gbé fídíò kan sórí Fesibúùkù ní Nàìjíríà. Ọkùnrin méjì ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n ti lù wọ́n débi pé ẹ̀jẹ̀ bò wọ́n, àwọn ènìyàn yí wọn ká, wọ́n ń fi èdè Ígbò bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń bá ọkùnrin bíi tiwọn lò pọ̀. Oríṣiríṣi ènìyàn fẹjọ́ fídíò náà sùn. Àwọn olùyẹ̀wò wò ó, wọ́n ní kò rú òfin. Ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi wò ó ju ìgbà mílíọ̀nù 3 lọ, kí ó tó di pé Ìgbìmọ̀ Alábòójútó fa ẹjọ́ náà jáde ní ọdún 2024, tí Mẹ́tà wá gbà pé àṣìṣe ni. Èdè wà lára ohun tí ó fa àṣìṣe náà. Mẹ́tà kò ní ètò ìyẹ̀wò tí ó dúró dáadáa fún èdè Ígbò, èdè tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń sọ. Bí iye ẹ̀sùn bá ń dá ẹjọ́, fídíò náà kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọnù níbẹ̀ ni ẹni tí yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Èyí kan àwa náà tí a ń kọ Yorùbá. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "màá lù ẹ́ pa o, o ò sọ fún mi pé o ń ṣe ìgbéyàwó" kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, Yorùbá tí ó bá kà á yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ èdè náà, tí ó ń fi ìtumọ̀ ẹ̀rọ wò ó, ìhàlẹ̀ ikú ni yóò rí. Bí ẹnì kan bá wá fi ẹ̀tanú fẹjọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sùn, ewu wà. Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí a gbé ẹ̀hónú wa sí nìyẹn, dípò kí a máa ka orí àwọn ọ̀tá.

Ẹnì kan lè wá sọ pé òun ti fi ojú ara òun rí i: wọ́n kó èrò jọ, wọ́n fẹjọ́ ẹni kan sùn, àkáǹtì rẹ̀ sì kú. N kò sẹ́ ẹ. Mẹ́tà náà kò sẹ́ ẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun ti mú àwọn àkáǹtì kan kúrò ní Fiẹtinámù tí wọ́n ń dara pọ̀ láti fẹjọ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ àti àwọn alátakò ìjọba sùn léraléra, kí wọ́n lè pa wọ́n mọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá fẹjọ́ kọ́mẹ́ǹtì kan ṣoṣo sùn, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: ṣé ọ̀rọ̀ yìí rú òfin? Ìdáhùn kan ló tó gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá pín ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ti kọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí olúkúlùkù fẹjọ́ ọ̀kan sùn, ìdájọ́ ọgọ́rùn-ún ni ó ń bọ̀, bí olùyẹ̀wò bá sì ṣe àṣìṣe nínú márùn-ún péré, àmì ẹ̀ṣẹ̀ márùn-ún, irú èyí tí ilé iṣẹ́ náà ń kà sí àkáǹtì, lè ti wà lọ́rùn ẹni náà. Wọn kò fi pípọ̀ ra ìdájọ́. Ńṣe ni wọ́n ń wá ibi tí adájọ́ yóò ti ṣìnà. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, torí pé ó sọ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí a ń dojú ìjà kọ máa wò: àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ni, kì í ṣe èyí tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìkan.

Ohun kan tún yí padà ní ọjọ́ 7 oṣù Kínní ọdún 2025. Máàkì Sọ́kábọ́ọ̀gì, olórí Mẹ́tà, kéde pé ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ Fesibúùkù yóò máa dojú kọ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ní pàtàkì, irú bí ìpániláyà, lílo ọmọdé ní ìlòkulò, oògùn olóró àti jìbìtì. Ní ti ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké, wọn yóò dúró kí ẹnì kan fẹjọ́ sùn kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Nítorí náà ẹ̀sùn ti wá níye lórí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo: láìsí i, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ rárá. Èébú tí ẹ̀rọ ì bá ti mú lọ́dún 2023 lè wà níbẹ̀ lónìí títí ẹnì kan yóò fi bínú. Ìkéde yẹn kò sọ pé ẹ̀sùn méjì wúwo ju ọ̀kan lọ.

Ó wá ku iye ọjọ́. Nígbà tí wọ́n bá pinnu pé ọ̀rọ̀ kan rú òfin, wọn yóò mú un kúrò, wọn yóò sì sábà fi àmì ẹ̀ṣẹ̀ kan sí àkáǹtì ẹni tí ó kọ ọ́. Àmì yìí ni wọ́n ń kà. Láti oṣù Kejì ọdún 2023 ni Mẹ́tà ti ń lo àkàbà tí ó wà nílẹ̀ yìí: àmì kìíní, ìkìlọ̀ lásán; láti ìkejì dé ìkẹfà, wọ́n lè gba àǹfààní kan pàtó lọ́wọ́ ẹni fún ìgbà díẹ̀, bí àǹfààní láti kọ̀wé sínú ẹgbẹ́; ìkeje, ọjọ́ 1 láìlè gbé ohunkóhun jáde, kọ́mẹ́ǹtì sì wà lára rẹ̀; ìkẹjọ, ọjọ́ 3; ìkẹsàn-án, ọjọ́ 7; láti ìkẹwàá lọ, ọjọ́ 30. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó burú jáì kò gun àkàbà yìí rárá, wọ́n lè pa àkáǹtì rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú gbogbo àkókò ìdílọ́wọ́ yìí, ẹni náà ṣì lè wọlé, ó ṣì lè ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ. Àtẹ lásán ló jókòó tì, kò sí ọjà lórí rẹ̀.

Ṣáájú ìgbà yẹn, àkàbà náà kúrú, ọjọ́ 30 sì máa ń tètè dé. Mẹ́tà ní òun yí i padà nítorí pé nígbà tí òun wo ìṣirò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí àmì wọn kò pọ̀ tí wọn kò tún rú òfin mọ́ láàárín ọjọ́ 60 tí ó tẹ̀lé e. Àwọn kan ní èyí ti rọ̀ jù, pé ẹni tí ó bú ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹfà kó tó sùn ní àtìmọ́lé ọjọ́ kan ti ń fi òfin ṣeré. Ìṣirò náà ni ìdáhùn. Bí ìkìlọ̀ bá ti ń ká ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ kò, àtìmọ́lé gígùn kàn ń dá àwọn tí olùyẹ̀wò ṣì dá lẹ́bi lóró ni. Èyí tí mo bá wọn wí fún ni àárín àkàbà, láti àmì ìkejì dé ìkẹfà, tí wọ́n kàn kọ "ìgbà díẹ̀" sí. Ìgbà díẹ̀ kì í ṣe òǹkà, ẹni tí ó ń fi ẹgbẹ́ Fesibúùkù polówó ọjà kò lè fi í ṣètò ọ̀sẹ̀ rẹ̀ àfi tí ó bá rí ọjọ́ ìparí lójú fóònù rẹ̀.

Iye ọjọ́ ìdílọ́wọ́ wọ̀nyí ni aago kékeré. Aago ńlá tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni pé àmì kọ̀ọ̀kan ń gbé ọdún kan gbáko kí ó tó parẹ́. Ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkùnrin tí ó ń jiyàn bọ́ọ̀lù lórí Fesibúùkù gba àmì rẹ̀ kìíní ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, ó sì ń kó wọn jọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ní mẹ́fà ní ìparí ọdún. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kínní, ó bú ẹnì kan, wọ́n mú kọ́mẹ́ǹtì rẹ̀ kúrò. Ìkeje nìyẹn, ọjọ́ 1. Ó padà wọlé ní ọjọ́ kejì, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì, ó tún ṣe é, ó lo ọjọ́ 3 nínú ilé. Bí ó bá tún ṣi ẹnu nínú oṣù Kẹta, ìkẹsàn-án nìyẹn, ọjọ́ 7. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè mú ẹnu dúró títí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin yóò fi kọjá, àmì àkọ́kọ́ yóò jábọ́, méje ni yóò kù, èébú kan náà tí ì bá gba ọjọ́ 7 ní oṣù Kẹta yóò wá gba ọjọ́ 3. Ẹ̀ṣẹ̀ kò yí padà, olùfisùn kò pọ̀ sí i, kò dín. Ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà ni ó yí.

Ohun tí aago ńlá yìí ń ṣe sí kòtẹ́milọ́rùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí. Wọ́n á ní: wákàtí 24 ni wọ́n fi mí sí, kí n tó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kí wọ́n tó dáhùn, ọjọ́ ti pé, kí ni mo fẹ́ gbà? Òótọ́ ni, wọn kò lè dá wákàtí 24 padà fún un. Àmì ni ó ń bá jà. Bí ó bá jàre, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò padà, àmì náà yóò sì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ ọkùnrin bọ́ọ̀lù: bí wọ́n bá fagi lé àmì ìkẹjọ, èyí tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta yóò di ìkẹjọ, ọjọ́ 3 ni, kì í ṣe 7. Pípa kọ́mẹ́ǹtì rẹ́ fúnra ẹni lẹ́yìn ìdájọ́ kò ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmì kì í bá a lọ. Bí Mẹ́tà bá sì kọ kòtẹ́milọ́rùn, ó lè fún ẹni náà ní nọ́ńbà tí yóò fi lọ bá Ìgbìmọ̀ Alábòójútó láàárín ọjọ́ 15, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ kíún nínú ẹjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń yàn gbọ́. Ṣíṣí àkáǹtì mìíràn láti fi yẹra fún ìdílọ́wọ́ ni ó burú jù nínú gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ń ta, torí pé yíyẹra náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì lè mú kí àkáǹtì méjèèjì lọ.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti kọ́mẹ́ǹtì, nítorí pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́. Lórí Wọsáàpù, ilé iṣẹ́ kò lè ka ohun tí ẹ ń bá ara yín sọ. Ìgbà tí ẹnì kan bá fẹjọ́ rẹ sùn ni ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí: àtẹ̀jíṣẹ́ 5 tí o fi ránṣẹ́ sí i kẹ́yìn yóò dé ọwọ́ Wọsáàpù, wọn kò sì ní sọ fún ọ pé wọ́n fẹjọ́ rẹ sùn. Márùn-ún péré ni, nítorí náà ìwà ni wọ́n fi ń gbè ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀: iye àjèjì tí o ń kọ̀wé sí, bí o ṣe ń yára tó, bí àwọn tí o kọ̀wé sí ti ń fẹjọ́ rẹ sùn tàbí tí wọ́n ń dínà mọ́ ọ. Oníṣòwò tí ó ra nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí ó ń polówó aṣọ fún wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n, kò nílò láti sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan kí wọ́n tó dí i lọ́wọ́. Ìdílọ́wọ́ tí ó sì máa ń kọ́kọ́ bá a ni pé kò ní lè bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò tuntun. Àwọn tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó wà ṣì wà, aago yóò sì máa ka wákàtí sẹ́yìn lójú fóònù. Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ti àwọn tí ń lo ayédèrú Wọsáàpù bíi GB WhatsApp: àwọn yẹn kò lè ṣe ohunkóhun títí aago yóò fi tán, ohun tí wọ́n sì gbé sórí fóònù wọn ni ó fà á, kì í ṣe olùfisùn.

Tẹlẹgíráàmù ló ṣe èyí tí ó mọ́ jù lójú tèmi. Bí àjèjì tí o kọ̀wé sí bá tẹ ibi tí ó sọ pé ìyọlẹ́nu ni ọ̀rọ̀ rẹ, àtẹ̀jíṣẹ́ náà ń lọ sọ́dọ̀ àwọn olùyẹ̀wò. Bí wọ́n bá gbà á, o kò ní lè kọ̀wé sí ẹni tí kò ní nọ́ńbà rẹ nínú fóònù rẹ̀ mọ́, o kò sì ní lè fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ, o lè dá a lóhùn. Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí o dúró, wá @SpamBot nínú Tẹlẹgíráàmù fúnra rẹ̀, kí o sì tẹ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i:

```
/start
```

Yóò sọ fún ọ bóyá o wà lómìnira. Bí o kò bá sí, yóò sábà sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ìdílọ́wọ́ yóò parí, yóò sì fún ọ láàyè láti sọ pé àṣìṣe ni. Wákàtí tí ó ń sọ jẹ́ ti UTC: ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnù yóò fi wákàtí kan kún un, ẹni tí ó wà ní Lómé yóò lò ó bí ó ti wà. Ìdílọ́wọ́ àkọ́kọ́ lè má ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ń tún ṣẹlẹ̀, ó ń gùn sí i ni, ti ẹni tí ó bá sì taku lè má ní òpin. Àwọn nọ́ńbà kan tún wà tí ètò ìdáàbòbò Tẹlẹgíráàmù máa ń le mọ́ láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni nọ́ńbà náà mọ ohun tí ó ṣe, ibi tí àǹfààní láti sọ pé àṣìṣe ni ti wúlò jù nìyẹn.

Kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ rárá, ó yẹ kí ó mọ ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn. Bí o kò bá lè kọ̀wé sínú ẹgbẹ́ Fesibúùkù kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n tí o ń kọ̀wé níbi gbogbo yòókù, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ náà ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́, Mẹ́tà kò mọ̀ sí i, òun ló lè tú ọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú ìwé ẹnì kan ṣoṣo ni o kò lè rí mọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹni náà ló dínà mọ́ ọ, ìyẹn kò sì ní aago kankan. Bí ó bá jẹ́ pé o kọ kọ́mẹ́ǹtì ogójì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n wá ní kí o sinmi, eré sísá ni ẹ̀rọ rí, kò sí olùfisùn níbẹ̀, kò sì yẹ kí ó pẹ́. Ìdílọ́wọ́ ti Mẹ́tà fúnra rẹ̀ máa ń hàn nínú àkáǹtì rẹ níbi tí wọ́n kọ Account Status sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú kúrò àti ibi tí o ti lè ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó bá wá láti ọ̀dọ̀ àjèjì, tí ó sọ pé wọ́n ti fẹjọ́ rẹ sùn, pé kí o tẹ líǹkì kan kí o sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ síbẹ̀ láàárín wákàtí 24, tí kò sì sí ohun tí ó jọ ọ́ nínú Account Status, olè ló kọ ọ́.